Áàpù ní nǹkan oṣù mi ti pẹ́ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án: ta ló bá a ṣàdéhùn?

Àdùkẹ́ Ṣàgámù
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ áàpù tí a fi ń ka nǹkan oṣù ni mo gbé wá. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni tèmi ti ń fi àmì pupa hàn mí lójú fóònù pé nǹkan oṣù mi ti pẹ́, ilẹ̀ kì í sì í mọ́ kó má fi ọjọ́ kan kún un. Lónìí ó ti di 9. Mo ra ohun àyẹ̀wò oyún ní kẹ́míìsì, ìlà kan ṣoṣo ló yọ. Ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí lójú bíi pé mo ń fi nǹkan pamọ́.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé áàpù yìí kì í gbà á. Bó bá ní ọjọ́ Jímọ̀, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú tàbí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Nǹkan oṣù mi kì í lọ déédéé tẹ́lẹ̀ náà. Mo wo àkọsílẹ̀ inú rẹ̀, iye ọjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kan dé ìbẹ̀rẹ̀ tó tẹ̀ lé e nìyí: 31, 44, 28, 52, 35, 38. Lónìí mo wà ní ọjọ́ 47. Ẹni ọdún 27 ni mí, mi ò lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kankan. Ṣé kí n pa áàpù yìí rẹ́ ni, àbí ó ní bí wọ́n ṣe ń lò ó?

Àbẹ̀kẹ́ Ìṣẹ́yìn
Pa á rẹ́ jàre. Ọjọ́ kẹrìnlá ni ẹyin obìnrin ń jáde, wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ka 14 láti ọjọ́ tó o kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, mi ò gbé fóònù wò kí n tó bí ìkankan.

Títí Ẹlẹ́rọ
Ọmọ ìyá, èmi ń bá wọn kọ áàpù jẹun, jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹ. Ọ̀pọ̀ wọn ò ṣe ju ìṣirò ọmọ ilé-ìwé lọ. Ro iye ọjọ́ tó o kọ síbẹ̀ pọ̀: 228. Pín in sí 6: 38. Ibẹ̀ ni 38 ti wá. Bí ọjọ́ 38 ṣe kọjá lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ tó kẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ò wá, ó ti sọ ẹ́ di ẹni tó pẹ́ nìyẹn. Lónìí ọjọ́ 47, ó yọ 38 kúrò, ó kù 9. Kò wo inú rẹ rárá.

Ohun tí mo máa gbà ẹ́ níyànjú ni pé kó o má pa á rẹ́. Máa kọ ọ́ lọ. Bó bá ti ní àkọsílẹ̀ ọdún kan sí méjì, á mọ̀ ẹ́ dáadáa, á sì máa gbà á.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá
Ẹ kú ìjókòó o. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, 14 tí ẹ sọ yẹn kì í ṣe irọ́, ẹ̀yìn la ti ń kà á ni, kì í ṣe iwájú. Bí ẹyin bá ti jáde, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ̀jẹ̀ máa ń dé. Ó lè dín díẹ̀, ó lè lé díẹ̀, àmọ́ apá ìkẹyìn yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà lára obìnrin kan náà. Apá àkọ́kọ́, láti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ títí ẹyin fi máa gbó kó sì jáde, ni ó ń nà tó sì ń sún kì. Bí wàhálà bá wọlé, bí ara bá ń ṣàìsàn, bí èèyàn bá sanra tàbí tó rù lójijì, ẹyin lè dúró kó má tíì jáde. Ẹni tí tirẹ̀ ń jẹ́ ọjọ́ 28 lóṣooṣù ló lè ka 14 níwájú kó bọ́ sí i, torí 28 yọ 14 ló kù 14.

Ẹ jẹ́ ká fi ti Àdùkẹ́ wò ó. Áàpù gbà pé ọjọ́ 38 ni, ó yọ 14 kúrò, ó wá fi àmì sí ọjọ́ 24 pé ẹyin máa jáde. Ó kun ọjọ́ 19 sí 24 pé ìgbà yẹn ni oyún lè dúró, torí àtọ̀ ọkùnrin lè wà láàyè nínú obìnrin fún ọjọ́ 5, ẹyin fúnra rẹ̀ kì í lò tó ọjọ́ kan kó tó bàjẹ́. Ìṣirò náà dára. Ṣùgbọ́n nínú oṣù tó jẹ́ ọjọ́ 28, nǹkan bí ọjọ́ 14 ni ẹyin ti jáde, kí àwọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Nínú èyí tó gùn dé 52, ó lè tó ọjọ́ 38 kó tó jáde, nígbà tí àwọ̀ ti parí láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Àwọn ọjọ́ tí áàpù fi sílẹ̀ láìkùn, tí àwọn kan ń pè ní ọjọ́ tí kò léwu, inú wọn gan-an ni ẹyin wà.

Ẹ̀gbọ́n Títí, ẹ dárí jì mí, ibi tí mi ò ti bá yín lọ ni ti ọdún kan sí méjì yẹn. Bí ara obìnrin bá ń lọ déédéé, tí díẹ̀díẹ̀ ló fi ń yẹ̀, àkọsílẹ̀ tó pọ̀ ń ranni lọ́wọ́. Bí ara fúnra rẹ̀ kò bá ní ìlànà kan, ọgọ́rùn-ún oṣù ò lè sọ ti oṣù tó ń bọ̀. Ohun tí áàpù kàn máa fi ọdún méjì mọ̀ ni pé ọ̀nà jìn láàárín èyí tó kúrú jù àti èyí tó gùn jù.

Títí Ẹlẹ́rọ
Mo gbọ́, nọ́ọ̀sì wa. Àmọ́ àwọn kan tiẹ̀ wà báyìí tí kì í ṣe ìṣirò lásán, wọ́n ń wo ìgbóná ara pẹ̀lú. Àwọn yẹn yàtọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá
Wọ́n yàtọ̀ lóòótọ́, màá padà sórí ọ̀rọ̀ ìgbóná ara. Ti Àdùkẹ́ ni kí n kọ́kọ́ parí.

Àdùkẹ́, kó o tó gba ọ̀rọ̀ "ti pẹ́" gbọ́, wo àkọsílẹ̀ tìrẹ. O ti dé 52 rí, o sì wà ní 47. Ojú fóònù nìkan lo ti pẹ́. Àmọ́ má fi ìyẹn fọkàn balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oyún o. Ẹni tí ẹyin rẹ̀ lè jáde ní ọjọ́ 38, bó bá lóyún, kò tíì sí nǹkan tí àyẹ̀wò lè rí lára rẹ̀ ní ọjọ́ 40. Nítorí náà, má fi ọjọ́ áàpù mọ ìgbà tó o máa ṣe àyẹ̀wò. Ka ọjọ́ 21 láti ìgbà tí ẹ̀yin méjèèjì sùn pọ̀ kẹ́yìn láìlo kọ́ńdọ̀mù, kó o wá tún un ṣe. Bí ìlà kan ṣoṣo bá ṣì yọ nígbà náà, kì í ṣe oyún.

Ìbéèrè kan wà lẹ́nu mi: ẹ̀jẹ̀ tó parí 28 yẹn, tó bẹ̀rẹ̀ 52, báwo ló ṣe rí? Ṣé ó kún páàdì?

Bàbá Fèyí
Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ṣé ọjọ́ tí áàpù kun yẹn ni kí èmi àti ìyàwó mi máa dúró dè? Ọdún kan ààbọ̀ la ti ń dúró dè é lóṣooṣù, nítorí ọmọ kejì, tí a kì í sì í fara kan ara wa ní ọjọ́ mìíràn kí agbára lè pọ̀. Èwo nínú àwọn ọjọ́ náà ló wà fún ọkùnrin?

Ìyá Ìbejì Òṣogbo
Bàbá Fèyí, kì í ṣe ìbéèrè tí ọmọbìnrin yìí béèrè nìyẹn 😂

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá
Ẹ má bínú sí i, Màmá, ó bá ọ̀rọ̀ tan. Bàbá Fèyí, bí nǹkan oṣù ìyàwó yín kì í bá lọ déédéé, ẹ̀ ń dúró níbi tí ọkọ̀ ò ti ń yà ni. Ẹ fi àwọ̀ áàpù sílẹ̀. Ní ọjọ́ méjì-méjì sí mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ máa sún mọ́ ara yín, jálẹ̀ oṣù, ìyẹn ò ní jẹ́ kí ẹyin jáde kí ó má bá àtọ̀ níbẹ̀. Fífi agbára pamọ́ ò wúlò. Ti ọkùnrin àbí obìnrin, kò sí ọjọ́ tó ń yan ìyẹn. Ọdún kan ààbọ̀ sì ti tó kí ẹ̀yin méjèèjì lọ rí dókítà, ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin méjèèjì. Wọ́n máa wo àtọ̀ tiyín náà.

Àdùkẹ́ Ṣàgámù
Mà, ìbéèrè yín bá mi níbi tí mi ò rò. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ò kún páàdì. Mo kàn rí àwọ̀ bíi kọfí nínú pátá mi fún ọjọ́ méjì, mo wá tẹ "ó ti bẹ̀rẹ̀" torí áàpù ti ń béèrè lọ́wọ́ mi. Kò tún wá mọ́ lẹ́yìn náà. Àmọ́ àwọn ìgbà kan nǹkan oṣù mi náà máa ń fúyẹ́, nítorí náà mi ò lè sọ pé kì í ṣe òun.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá
Ibi tí mò ń wá nìyẹn. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ṣàn, tó o nílò páàdì, ni ọjọ́ kìíní. Àbàwọ́n tó kàn tọ́ pátá ní àyè tirẹ̀ nínú áàpù, ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́. Bí èyí bá jẹ́ àbàwọ́n, a jẹ́ pé 28 àti 52 kì í ṣe oṣù méjì, ọ̀kan ni, ọjọ́ 80. Wo bí ìṣirò á ṣe yí: 31, 44, 80, 35, 38. Àròpọ̀ ò yí padà, 228 náà ni, ṣùgbọ́n 5 la máa fi pín in, ó sì di 45 àti díẹ̀. Àmì kan ṣoṣo tó o fọwọ́ tẹ̀ ló sún ọjọ́ tí áàpù ń dá fún ẹ sẹ́yìn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bó o bá tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, 31, 35, 38, 44, 80, èyí tó bọ́ sí àárín ṣì jẹ́ 38. Èmi máa ń gba èèyàn níyànjú kó wo èyí tó wà láàárín, kó sì wo èyí tó kúrú jù àti èyí tó gùn jù, kó gbàgbé iye kan ṣoṣo tí áàpù ń pariwo.

Èyí tó ká mi lára jù kì í tiẹ̀ ṣe ìṣirò. Ọjọ́ 80 láìrí ẹ̀jẹ̀ gidi, o ò sì lóyún, ó yẹ kí dókítà gbọ́. Àmì tó o tẹ̀ yẹn ló bò ó mọ́lẹ̀, ló jẹ́ kó dà bíi pé o kàn ní oṣù kúkúrú kan àti oṣù gígùn kan. Bí mi ò tilẹ̀ ka ìyẹn, ìdajì nínú ohun tó o kọ síbẹ̀ ló ju ọjọ́ 35 lọ, ìyẹn nìkan tó láti lọ. Kó o má dúró de ọjọ́ 90.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Lọ́ńdọ̀nù
Tèmi yàtọ̀ sí ti Àdùkẹ́ o. Áàpù sọ fún mi pé oṣù mi kan gùn tó ọjọ́ 61, ẹ̀rù bà mí, mo ti fẹ́ pe dókítà. Ìgbà tí mo wo àwọn fọ́tò inú fóònù mi ni mo rí i pé mo wà nílé fún ìgbéyàwó àbúrò mi láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, mo sì rántí pé mo gbé páàdì sínú báàgì lọ sí ibi ìnáwó. Mo ṣe nǹkan oṣù, mi ò kọ ọ́ ni. Oṣù méjì ló lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Bí ẹ bá rí iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wádìí ìyẹn.

Títí Ẹlẹ́rọ
Òótọ́ ni. Bó o bá rántí ọjọ́ náà, padà lọ fi sí i, áàpù máa tún ìṣirò ṣe fúnra rẹ̀. Bí o ò bá rántí, má fojú díwọ̀n ọjọ́ kan. Àwọn áàpù kan ní ibi tí o ti lè yọ oṣù kan ṣoṣo kúrò nínú ìṣirò láìpa á rẹ́. Inú ètò oṣù yẹn gan-an ló máa ń wà, kì í ṣe inú ètò gbogbogbò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tàbí tí oyún bà jẹ́ lára rẹ̀ náà yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo
Èmi ti lé ní ọmọ ọdún 47. Nǹkan oṣù mi á wá lẹ́yìn ọjọ́ 23, á tún sinmi fún oṣù méjì gbáko. Áàpù ò mọ̀ pé mò ń sún mọ́ ìgbà tó máa dáwọ́ dúró, ojoojúmọ́ ló ń kì mí pé mo pẹ́. Ọmọ mi obìnrin ló bá mi pa gbogbo ìkìlọ̀ rẹ̀, ó pa àwọ̀ ọjọ́ ẹyin náà. Mo kàn ń kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó dá, àti bí orí bá fọ́ mi tàbí ooru bá mú mi lóru. Ó ti di ìwé àkọsílẹ̀ lásán, ọkàn mi sì balẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n máa fi ṣètò ọmọ bíbí, mo ní ó tì o, àwọn ìbejì tó ti wà nílẹ̀ tó mi.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá
Màmá, ẹ ṣe é dáadáa. Kò sí ọ̀nà tí a fi lè fi ìṣirò ọjọ́ lásán dènà oyún bí oṣù bá ń yí báyìí. Òfin àtijọ́ kan wà fún kíka ọjọ́: yọ 18 kúrò nínú èyí tó kúrú jù, yọ 11 kúrò nínú èyí tó gùn jù. Fún Àdùkẹ́, bí a bá gba àkọsílẹ̀ rẹ̀ bó ṣe kọ ọ́, 28 yọ 18 jẹ́ 10, 52 yọ 11 jẹ́ 41. Láti ọjọ́ 10 dé 41 ni kó máa sá fún ọkọ rẹ̀! Ta ló fẹ́ gbé irú ayé yẹn?

Mo tún fẹ́ kí àwọn tó ń lo abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta gbọ́. Ẹ pa àsọtẹ́lẹ̀ áàpù yín. Abẹ́rẹ́ yẹn ń dá ẹyin dúró, nǹkan oṣù lè má wá rárá, ó sì lè tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ bá dá a dúró kí ara tó padà sípò. Ti àwọn tó ń jẹ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń rí nígbà tí ẹ dá oògùn dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, páálí oògùn ló ń mú un wá, kì í ṣe ẹyin. Áàpù tó bá ń fi í wá ọjọ́ ẹyin, àlá ló ń lá.

Àjíkẹ́ Abẹ́òkúta
Ẹ̀yin tó ń wá oyún, ẹ ra ohun àyẹ̀wò tí wọ́n ń tì bọ inú ìtọ̀ láti fi mọ ìgbà tí ẹyin fẹ́ jáde. Òun ló ràn mí lọ́wọ́. Bí ìlà kejì bá dúdú bíi ti àkọ́kọ́, ẹyin ń bọ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Kò sí áàpù nínú rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Lọ́ńdọ̀nù
Àjíkẹ́, ó dá lórí ara onítọ̀hún o. Èmi ni wọ́n sọ fún pé mo ní èyí tí àwọn dókítà ń pè ní pí-sí-ó-ẹ́ẹ̀sì, tí ẹyin kéékèèké máa ń kún inú àpò ẹyin láìgbó. Ìlà tèmi dúdú lóṣù kan, ó padà, ó tún dúdú, ẹ̀ẹ̀mẹta, àpò owó mi ló sì ṣófo. Họ́móònù tí ìlà yẹn ń wá ti ga lára mi tẹ́lẹ̀.

Àjíkẹ́ Abẹ́òkúta
Àbúrò mi náà ní in, ó sì bá a ṣiṣẹ́. Bóyá àwọn tí ò dára lẹ rà.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá
Mo ti rí irú méjèèjì, nítorí náà mi ò ní bá yín jà lé e. Bí ẹ bá lò ó, ẹ fi nǹkan mìíràn tì í lẹ́yìn. Èyí tí kò náni lówó ni omi ojú ara. Bí ẹyin bá ń sún mọ́ ìjáde, omi náà á pọ̀, á mọ́, á máa yọ̀, bí ẹ bá fi ìka méjì fà á á nà bíi funfun ẹyin adìyẹ tútù. Bó bá ti jáde tán, omi á gbẹ tàbí kó ki. Ẹ kọ ọ́ sínú áàpù ní ọjọ́ tí ẹ bá rí i, ó ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Ó dára ju àwọ̀ rẹ̀ lọ torí ara yín ló sọ ọ́.

Ìgbóná ara ni ìkejì. Kí ẹ tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, kí ẹ tó sọ̀rọ̀, kí ẹ tó tọ̀, ẹ fi tẹmómítà sábẹ́ ahọ́n. Lẹ́yìn tí ẹyin bá jáde, ìgbóná á ga díẹ̀, nǹkan bí 0.2 sí 0.5 °C, á sì dúró sókè fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kíyè sí i pé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ló ń sọ, kì í sọ ohun tó ń bọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí oṣù rẹ̀ gùn ni pé, ní ọjọ́ tó bá ga, ó lè ka ọ̀sẹ̀ méjì sí iwájú kó máa retí ẹ̀jẹ̀, ìyẹn sì gbà ju áàpù lọ. Bí kò bá ga rárá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ṣeé ṣe kí ẹyin má jáde lóṣù yẹn, ẹ gbé ìwé náà lọ fún dókítà.

Àbẹ̀kẹ́ Ìṣẹ́yìn
Bí ibà bá wá ń ṣe èèyàn ńkọ́? Ibí yìí, ibà kì í jìnnà sí wa.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá
Ẹ kọ "ibà" sí ọjọ́ yẹn, kí ẹ má kà á mọ́ ìyókù. Bẹ́ẹ̀ náà ni òru tí ẹ ò sùn tó wákàtí mẹ́ta gbáko.

Àdùkẹ́ Ṣàgámù
Mà, mo ti pa ìkìlọ̀ "ti pẹ́", mo sì ti yí àmì 28 yẹn padà sí àbàwọ́n. Ó ń dá oṣù mi sí ọjọ́ 46 báyìí, mi ò sì fi ọkàn sí i. Ọkọ mi béèrè kí nìdí, mo fi gbogbo ohun tí ẹ kọ hàn án. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa lọ sí ọsibítù. Kí ni kí n mú dání, kí ni wọ́n á béèrè?

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá
Kọ ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ gidi bẹ̀rẹ̀ sínú bébà kan, má gbé fóònù nìkan lọ, bátìrì lè kú. Sọ ti àbàwọ́n náà. Wọ́n máa béèrè bóyá o ń sanra sí i, bóyá irun ń hù ní àgbọ̀n rẹ, bóyá wàrà ń jáde lọ́mú rẹ nígbà tí o ò fọ́mọ lọ́mú. Wọ́n lè ní kó o ṣe àyẹ̀wò oyún, ti ẹṣẹ́ ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní táírọ́ọ̀dì, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo inú ikùn rẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dé kó tó di Ọjọ́bọ̀, má fagi lé e, lọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Fèyí
Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ tẹmómítà yẹn. Èyí tí mo ní nílé, tí a fi ń wò ibà ọmọ, ó ṣe é lò?

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá
Wo iye tó ń kọ. Bó bá kọ 36.5, kò tó. Èyí tó ń kọ 36.54, oní-nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì, ni kẹ́ ẹ béèrè ní kẹ́míìsì. Ìyàwó yín ni kó lò ó o, kì í ṣe ẹ̀yin.